Bàbá wa fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó ní Kétu, èmi ni màá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì

ÀbúròÌyàwó_Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lọ sílé ọkọ. Kùmásì ni àwọn àna ti ń bọ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn. Wọn kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò gbọ́ Faransé. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni Bàbá bá ní èmi ni màá dúró ti àwọn. Ohun tí wọ́n sọ sínú fóònù mi rèé, mo gé e kù:

"Ẹ̀yin àna wa, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Gbogbo ẹrù tí ẹ ń wò yẹn, èmi ni mo rà á fún un. Ó lágídí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́. Ìyàwó yín ni. Ọkọ rẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ó sunkún. Bí ó bá ṣẹ̀ yín, ẹ mú un wá bá mi, ẹ má nà án. Owó orí tí ẹ mú wá, mo dá a padà, a kì í ta ọmọ. Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹ́ní o."

Mo túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kà á, ó dà bí ẹni pé Bàbá ń bínú, wọ́n sì tún ń sọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Báwo ni kí n ṣe é?

Kọ́kọ́rọ́_Pobè

Ọ̀rọ̀ kékeré. Kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, kí o wá gbé Faransé lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wa níbí ni a fi Faransé kàwé, a mọ ibi tí Yorùbá ti ń wọ inú rẹ̀. Faransé máa sọ fún ọ bóyá ẹnì kan ni Bàbá ń bá wí tàbí ọ̀pọ̀, ó sì máa sọ fún ọ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Lẹ́yìn náà, tẹ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sórí ìwé, ṣe fọ́tókọ́pì ogójì, kí o pín in fún wọn. Kò sí ìdí tí o fi máa dúró síwájú èèyàn kí ọwọ́ rẹ máa gbọ̀n.

BabaRámà

Ẹ ṣọ́ra o. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò lè túmọ̀ níbi ìgbéyàwó. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ ará Nàìjíríà ní Kútọnu, mérì kò gba ìwé ìbí ọkọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, àfi ìgbà tí ẹni tó búra ní kóòtù túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń sáré kiri. Lọ wá onítumọ̀ tó ní òǹtẹ̀, àbúrò.

ÀbúròÌyàwó_Kétu

Ẹ ṣeun, Bàbá Rámà, àmọ́ ìyẹn ni ti ìwé. Wọ́n ti ṣe ti mérì tán, Faransé ni wọ́n fi kà á, ọkọ ìyàwó ní onítumọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Àgbàlá wa ni mò ń sọ, lábẹ́ tẹ́ǹtì, lẹ́yìn oúnjẹ. Kò sí òǹtẹ̀ níbẹ̀.

Ògbufọ̀_Sábẹ

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró ti àwọn oníwàásù àlejò ní ìlú wa níbí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni mò ń gbé jáde. Mo ti dúró ti bàbá ìyàwó náà, ìyẹn sì le jù. Oníwàásù kò gbàgbé pé àwọn kan kò gbọ́ òun. Bàbá ìyàwó gbàgbé lẹ́yìn gbólóhùn kejì.

Ọ̀gbẹ́ni Pobè gba ìdajì. Lóòótọ́ ni Faransé máa fi ipá mú ọ pinnu ẹni tí "ó" jẹ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, ṣùgbọ́n "vous" rẹ̀ dà bí "ẹ" tiwa, ó lè jẹ́ àgbà kan, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí o bá sì ti inú Faransé bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ìwọ àti ẹ̀yin, kódà ìwọ̀nba ohun tí "tu" àti "vous" fi hàn tún sọnù. O á sì ti rin ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì. Pinnu nínú Yorùbá fúnra rẹ̀, kí o fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ ẹni náà sí orí "ó" kọ̀ọ̀kan. Wo "kí ó má jẹ́ kí ó sunkún": ọkọ ni èkíní, ìyàwó ni èkejì. Bí o bá dúró síbẹ̀ láìkọ ọ́, ẹ̀rù á jẹ́ kí o yí wọn po. Mo ti rí ẹni tó yí i po, tó sọ pé kí ìyàwó má jẹ́ kí ọkọ sunkún. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́.

"Ẹ" ló léwu jù. Nígbà tí Bàbá bá ní "ẹ má nà án", gbogbo ìdílé ọkọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: ìyá ọkọ, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ, gbogbo agboolé. Ní Gẹ̀ẹ́sì ó máa dún bíi pé ọmọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ni wọ́n nàka sí, bíi pé wọ́n ti gbọ́ ìròyìn kan nípa rẹ̀. Nítorí náà má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ" rárá. Fi "ilé yín" sí iwájú. Bákan náà ni "ìyàwó yín ni". Bí o bá gbé e bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ ọ bí obìnrin kan tó ní ọkọ mẹ́wàá. Ohun tí Bàbá ń sọ ni pé ó ti di ọmọ ilé yín.

Lẹ́yìn náà, béèrè ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé kí ni Bàbá ń ṣe níbí. Ní àkọ́kọ́ wọ́n ń kí. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ kú", má wá a. Láti Kùmásì dé Kétu, ẹnubodè méjì ni àwọn èèyàn yẹn máa gbà: ti Gánà sí Tógò ní Aflao, ti Tógò sí Bẹ̀nẹ̀ ní Hílà-Kọ́njì. Sọ pé Bàbá mọ̀ pé ẹnubodè méjì ni ẹ kọjá kí ẹ tó jókòó sí ibí yìí, wọ́n sì ń dúpẹ́. Obìnrin tó ti wà nínú bọ́ọ̀sì láti òru á mọ̀ pé wọ́n kí òun.

"Ó lágídí díẹ̀" ni Bàbá fi ń tẹrí ba. Bàbá kì í yin ọmọ rẹ̀ jù lójú àna, gbogbo wa la mọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ máa wá sí ọ lẹ́nu fún àgídí, ìbaaka ni àwọn elédè náà máa ń so ó mọ́. Lo èyí tó túmọ̀ sí pé ó mọ ohun tó ń fẹ́, kí o sì rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí Bàbá náà á rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

ÀbúròÌyàwó_Kétu

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Pásítọ̀ wọn wà lára àwọn tó ń bọ̀. Mo bẹ Bàbá kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn máa sọ̀rọ̀ bíi aláìlóye ni.

Ògbufọ̀_Sábẹ

Má bẹ Bàbá mọ́. Òwe wọn ni, kí wọ́n pa á. Ìdí kò gbọdọ̀ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni kí o mú wọlé. Bí o bá dá ohun tí èmi máa sọ padà sí Yorùbá, báyìí ló máa rí:

"Àwọn baba wa ní, ẹni tó bá ní ọmọbìnrin tirẹ̀ kì í gbé ìlẹ̀kẹ̀ ilé rẹ̀ fún ọmọ aládùúgbò. Ìdí nìyí tí mo fi ra àwọn ẹrù yìí fún un."

O rí i pé mo so ó mọ́ gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Òwe tó bá dá dúró ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn á máa ro ó lọ́kàn títí Bàbá á fi dé ibi àdúrà. Nítorí náà jẹ́ kí Bàbá pa òwe náà, kí wọ́n sọ ti ẹrù, kí o tó ṣí ẹnu. Ohun méjì, ìdúró kan.

ÌyáAláṣọ_Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi. Mo ń lọ ra aṣọ ní Kùmásì, mo ti jókòó níbi ìgbéyàwó wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ń bẹ̀rù ohun tí kò yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Bí wọ́n bá jẹ́ Àkán, wọ́n mọ owó orí. Ọtí ni wọ́n máa ń fi ṣe é ju owó lọ, wọ́n ń pè é ní tiri ńsà. Tiri yẹn, orí náà ni. Ọtí orí. Nítorí náà, ọmọ mi, nígbà tí o bá dé ibi owó orí, má lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ pé iye tí wọ́n ra ìyàwó. Sọ pé owó tí ẹ mú wá fún orí ọmọ wa. Àwọn àgbà wọn á mi orí.

Ohun kejì, àwọn náà ní ògbufọ̀. Ọba wọn kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ tààrà, ọ̀kìyéámé ló ń gba ọ̀rọ̀ náà tó ń tún un ṣe kí ó tó kan etí ẹlòmíì, ó sì máa ń mú ọ̀pá dání. Wọn kò retí pé kí ẹni tó dúró ti àgbà máa ka ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka owó. Wọ́n retí pé kí ó dára. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tèmi, mú ọ̀pá Bàbá dání.

ÀbúròÌyàwó_Kétu

Ìyá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣeun fún ti orí yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé Bàbá dá owó padà, ṣé wọn ò ní rò pé wọ́n kọ ìgbéyàwó náà?

ÌyáAláṣọ_Àjàṣẹ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ dá ọtí orí padà kò dára, ó dà bí ẹni tú u ká. Kó o tó dé ibẹ̀, kọ́kọ́ sọ pé a gbà á, a fọwọ́ méjèèjì gbà á. Lẹ́yìn náà ni kí o wá sọ pé bàbá ń fi owó náà ta ọmọ àti ọkọ rẹ̀ lọ́rẹ. Ó dára kí Bàbá gan-an fi owó náà kan orí ìyàwó kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀. Ojú á rí i, ẹnu kò ní ní iṣẹ́ púpọ̀.

Ògbufọ̀_Sábẹ

Ìyá ti wí i. Èmi ò bá ti ṣi ibẹ̀ ṣe, nítorí níbí "mo dá a padà" ọ̀wọ̀ ni. Àbúrò, pe ẹnì kan lára àwọn àgbà Kùmásì kí ọjọ́ tó pé, kí o sọ ti owó yẹn fún un ní ìkọ̀kọ̀.

Àfàìmọ̀

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan èyí tó burú jù. "Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹ́ní." Ní Sábẹ, níbi ìgbéyàwó àbúrò ìyá mi, ẹni tó ń túmọ̀ sọ ọ́ bó ṣe wà. Ó ní ẹ̀yìn obìnrin yìí kò ní mọ ẹní. Àwọn aláwọ̀ funfun méjì tó wà níbẹ̀ wojú ara wọn. Ọ̀kan bi mí lẹ́yìn náà pé ṣé bàbá ń gbàdúrà kí ọkọ má fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀ ni.

Kọ́kọ́rọ́_Pobè

Hàhà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé obìnrin tó lóyún kò lè fi ẹ̀yìn sùn, ẹ̀gbẹ́ ló ń fi sùn. Nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní kan ẹní.

Ògbufọ̀_Sábẹ

Ohun tí ìyá àgbà mi sọ fún mi ni pé kò ní pẹ́ lórí ẹní kí ó tó lóyún. Èyí tí Pobè sọ yẹn, lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ.

ÌyáAláṣọ_Àjàṣẹ́

Ní ilé wa, wọ́n ní ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn náà rí ẹní. Ẹ ò lè parí rẹ̀ lónìí.

Ògbufọ̀_Sábẹ

Ó dáa, kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ibì kan náà: kí ọmọ tètè dé. Ìyẹn ni kí àbúrò sọ, kí ó fi ẹní sílẹ̀ ní Yorùbá. Àmọ́ kí ó má jẹ́ gbólóhùn tó ń ròyìn, pé bàbá ń fẹ́ kí wọ́n tètè bímọ. Àdúrà ni, ọ̀rọ̀ àdúrà ni kí ó fi sí i lẹ́nu, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kí ó sì dúró. Bí o bá gbé àdúrà kan jáde tí o kò sì gbọ́ àmín láti ẹ̀gbẹ́ ti Kùmásì, mọ̀ pé o kò túmọ̀ rẹ̀ bí àdúrà. Tún un sọ. Mo máa ń kọ́ wọn ní àmín ti Yorùbá ṣáájú, ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí gbogbo àgbàlá lè dáhùn papọ̀.

Ó tún ku ti ìwé tí Pobè ní kí o pín. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo orí tẹ̀ ba sórí ìwé, bàbá ń wò wọ́n, ó rò pé wọn kò fẹ́ gbọ́ òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kò tán síbẹ̀: bàbá fi ohun mẹ́rin kún un tí kò sí nínú ìwé.

Kọ́kọ́rọ́_Pobè

Ẹ kò gbà mí láyè. Bí wọ́n bá ń kì ìyàwó ńkọ́? Ṣé o máa dúró sáàárín oríkì kí o máa túmọ̀?

Ògbufọ̀_Sábẹ

Níbẹ̀ o jàre. Oríkì kò ṣeé gé. Bí ìyá àgbà bá gbé e, kí àbúrò panu mọ́, kí ó kàn sọ gbólóhùn kan ṣoṣo kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀: pé ìyá ń pe ìyàwó ní orúkọ àwọn tó bí i, àti pé wọn kò nílò kí wọ́n gbọ́ ọ kí ó tó wọ̀ wọ́n lára. Bí o bá fẹ́ ìwé, ìwé kékeré fún oríkì náà nìkan, kí wọ́n mú un lọ sílé. Àbúrò, kí ni wọ́n ń pè é?

ÀbúròÌyàwó_Kétu

Àjọkẹ́.

Ògbufọ̀_Sábẹ

Ìyẹn rọrùn. Ẹni tí a jọ kẹ́. Sọ ọ́ ní ìparí, nígbà tí Bàbá bá fà á lé wọn lọ́wọ́, pé orúkọ tí ẹ gbọ́ yẹn ń sọ pé gbogbo wa la jọ kẹ́ ẹ, ó ku tiyín. Bàbá ò sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n o lè bi wọ́n bóyá wọ́n gbà. Ohun tí Bàbá ò bá sọ, má fi kún un láìbéèrè.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ìṣẹ́jú mélòó ni Bàbá fi sọ̀rọ̀ nínú fóònù?

ÀbúròÌyàwó_Kétu

Ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Ògbufọ̀_Sábẹ

Pẹ̀lú rẹ, á tó mẹ́tàlá. Sọ fún ẹni tó ń darí ètò, kí ó má ṣe fún yín ní mẹ́fà kí ó sì gba mikíró lọ́wọ́ yín nígbà tí Bàbá bá dé ibi àdúrà. Wá ibi tí Bàbá ti ń mí nínú fóònù yẹn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa dúró, gbólóhùn kan tàbí méjì, kò ju mẹ́ta lọ. Dúró sí apá òsì wọn, sẹ́yìn díẹ̀, kí àwọn àlejò máa wo Bàbá. Ẹ ṣe àmì kan: èmi máa ń fọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ àgbà náà bí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ lórí mi. Máa sọ "mo" nígbà tí Bàbá bá sọ "mo". Ẹni tó bá ń sọ pé "bàbá ní òun ń dúpẹ́, bàbá ní òun ń bẹ yín", gbólóhùn kẹta kò ní dé kí etí tó kún.

Ẹ fi fóònù ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nílé, Bàbá àti ìwọ, kí ẹnì kan tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó gbọ́. Kí ẹni náà sọ fún ọ ohun tí bàbá fẹ́ kí wọ́n ṣe. Bí ó bá dáhùn pé kí wọ́n tọ́jú ọmọ òun, ó dára. Bí ó bá dáhùn pé kí wọ́n má nà án, tún ibẹ̀ ṣe.

ÌyáAláṣọ_Àjàṣẹ́

Kí ló burú ní kí wọ́n gbọ́ ti má nà án? Èmi fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Bàbá ló ní ọmọ, ó sọ ọ́ ní gbangba, kí ó wọ Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà.

Ògbufọ̀_Sábẹ

Ìyá, mi ò ní kí ó yọ ọ́. Kí ó bọ́ sí etí ilé, kí ó má bọ́ sí etí ọkọ nìkan.

ÌyáAláṣọ_Àjàṣẹ́

Etí ọkọ ni mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ bọ́ sí o. Ẹ̀yin ọkùnrin.

Àfàìmọ̀

Mo wà lẹ́yìn ìyá.

ÀbúròÌyàwó_Kétu

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. A gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ àná, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Baribá jókòó gbọ́ wa, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dáa. Ó lóye ti ìlẹ̀kẹ̀, ó lóye ti ẹnubodè, ó ṣe àmín. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ Bàbá, wọ́n wò mí bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ìgbà kejì wọ́n dúró.

Mo bi Bàbá nípa "ẹ má nà án", pé ta ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ni, àti ìyá ọkọ rẹ̀, kí n kọ́kọ́ wo ọkọ lójú kí n tó sọ ọ́.

Wọ́n ti tún fi òwe méjì kún un láti àárọ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀, ti ewúrẹ́ ni. Mo máa gbé e síbí lálẹ́.